Àgbàdo 60 àpò láti Kétu: omi pa 11, kòkòrò wà nínú 8. Ọrùn ta ni àdánù wà?

Ìyá Elékọ Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ra àgbàdo 60 àpò lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní ilé ìkẹ́rùsí ní Kétu, ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ níbí, 20,000 fàráńkì lápò. Mo sọ fún un pé ògì àti ẹ̀kọ ni mo fẹ́ fi ṣe, pé kì í ṣe oúnjẹ adìẹ. Mo ti san 600,000, ó ku ìdajì. Òun ló wá kamíọ́ọ̀nù. Òjò pa ẹrù lọ́nà, àpò 11 rin gbingbin. Mo fọwọ́ sí ìwé awakọ̀ nítorí ilẹ̀ ti ṣú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án mo tú àwọn tó gbẹ, kòkòrò ń rìn nínú 8. Ó ní tí ọjà bá ti kúrò nílé òun, ó ti bọ́ lọ́rùn òun, kí n san 600,000 tó kù. Ṣé òótọ́ ló sọ?

Ọmọ Ìmẹ̀kọ
Màmá, ẹ má bínú, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ o. Lápá ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà níbí, òfin ọjà títà tí wọ́n mú jáde láti inú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti 1893 ni a ṣì ń bá yí. Tí ọjà bá wà nílẹ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ ọ́n, tí ẹ sì ti fẹnu kò, ó ti di ti olùrà lójú ẹsẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì sanwó, bí kò tilẹ̀ tíì gbé e. Ẹni tó bá sì ni ọjà ló ni àdánù rẹ̀. Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, orí yín ló rọ̀ sí.

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀
Ọmọ Ìmẹ̀kọ, o mọ òfin ilé yín dáadáa, ṣùgbọ́n ẹrù yìí kò kọjá bodè. Kétu ló ti gbéra, Àjàṣẹ́ ló sọ̀ sí. Oníṣòwò sì ni ẹni tó tà, oníṣòwò ni ẹni tó rà. Òfin òwò Òhádà, tí Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn jọ ń lò, ló dé wọn, èyí tí wọ́n tún ṣe ní Lómè ní 15 Oṣù Kejìlá 2010. Nínú òfin yẹn, fífẹnukò nìkan kò sọ ọjà di ti olùrà. Ìgbà tí olùrà bá gba ọjà sọ́wọ́ ló di tirẹ̀, àfi bí wọ́n bá jọ ṣe àdéhùn mìíràn. Ibi tí ẹ ti jọra ni pé níbẹ̀ náà, ẹni tó ni ọjà ló ni àdánù.

Ìyá Elékọ, ẹjọ́ méjì lẹ ní, ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin yẹn lú wọn pọ̀ mọ́ra. Omi ní tirẹ̀, kòkòrò ní tirẹ̀. Ti omi, ohun tí a ó bi yín ni pé ta ló ni ọjà nígbà tí òjò dé. Ti kòkòrò, ohun tí a ó bi òun ni pé ṣé irú àgbàdo tó yẹ kó kó fún yín ló kó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó korò. Bí ó bá wà nínú àdéhùn yín pé ọlọ́kọ̀ ni yóò gbé ẹrù wá, òfin ní àdánù kúrò lọ́rùn ẹni tó tà ní wákàtí tó kó ẹrù lé awakọ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Kò dúró de ìgbà tí ẹrù bá dé ẹnu ọ̀nà yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo rí tí ojú wọn dá ní kóòtù nítorí èyí, wọ́n rò pé “kò tíì dé ọwọ́ mi” ti tó. Torí náà, lórí omi, ó lè jàre.

Ṣùgbọ́n kí n tó fi ẹnu sọ ọ́ tán, ẹ dá mi lóhùn. Ta ló san owó ọkọ̀? Báwo ni bàṣi tí wọ́n fi bo ẹrù ṣe rí? Ẹrù yín nìkan ló wà nínú kamíọ́ọ̀nù ni, àbí ẹrù ẹlòmíràn wà pẹ̀lú rẹ̀? Àti ìgbà tí ẹ sọ pé ògì lẹ fẹ́ ṣe, kí ló fi dá yín lóhùn?

Ìyá Àdùkẹ́
Bí wọ́n ṣe ṣe èmi náà nìyẹn! Fírísà tòkunbọ̀ ni mo rà fún ilé, ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó dákẹ́. Ẹni tó tà á ní “bó o ṣe rí i lo ṣe rà á.” Ṣé òfin Òhádà yìí lè gbà mí? Mo fẹ́ gba gbogbo owó mi.

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀
Ìyá Àdùkẹ́, ẹ̀yin kì í ṣe oníṣòwò fírísà, ilé lẹ rà á fún. Òfin Òhádà yẹn yọ ẹni tó ń rajà fún ìlò ara rẹ̀ kúrò. Ìwé òfin àtijọ́ tí àwọn Faransé fi sílẹ̀ ló kan yín. Ó mọ àbùkù tó fara pamọ́, ó sì fẹ́ kí olùrà tètè pariwo. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tiyín lọ́tọ̀, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ rà á àti ohun tó kọ́kọ́ bàjẹ́ lára rẹ̀, a ó jọ wò ó níbẹ̀.

Ìyá Elékọ Àjàṣẹ́
Bàbá, ẹ ṣé. Èmi ni mo san owó ọkọ̀ nígbà tí ẹrù dé, 1,000 lórí àpò kan, ṣùgbọ́n òun ló pe awakọ̀, n kò mọ̀ ọ́n rí. Bàṣi ya ní apá ẹ̀yìn, ọmọ mi ya fọ́tò rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń já ẹrù. Oṣù Kẹfà la wà, ẹ̀yin náà mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ láti Pọ̀bẹ́ wá sísàlẹ̀.

Ẹrù tèmi nìkan kọ́ o. Àpò 140 ló wà nínú ọkọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ já 50 ní Ṣàkẹ́tẹ́ fún ẹnì kan, wọ́n wá já 60 fún mi, 30 tó kù lọ sí ọjà kejì níbí. Awakọ̀ kàn ń kà á sílẹ̀ ni, “ó di mẹ́wàá, ó di ogún.” Gbogbo àpò jọra.

Ti ògì, Wásáàpù la fi sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi. Ó ní, “Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, ògì tó máa yọ níbẹ̀ á funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú.”

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀
Áà. Ọ̀rọ̀ yí padà.

Mo sọ pé àdánù kọjá sọ́dọ̀ olùrà nígbà tí ẹrù bọ́ sọ́wọ́ awakọ̀. Ìyẹn jẹ́ òótọ́ bí a bá lè nàka sí àpò kan pé ti Ìyá Elékọ nìyí. Ṣùgbọ́n àpò 140 tó jọra, tí orúkọ kò sí lára wọn, tí àmì kò sí, èwo ni tiyín nínú wọn nígbà tí òjò ń rọ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Òfin ní bí ọjà kò bá tíì yà sọ́tọ̀ ketekete fún àdéhùn yín, àdánù kò tíì kúrò lọ́rùn ẹni tó tà á. Ìgbà tí awakọ̀ ka 60 sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yín ni wọ́n yà sọ́tọ̀. Òjò ti rọ̀ tán nígbà yẹn. Àpò 11 yẹn rin nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ẹrù rẹ̀.

Ẹ wo bí ìbá ṣe rí bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni Ṣàkẹ́tẹ́ ló kọ́kọ́ dé ìdí ọkọ̀. Bí ó bá ṣa àwọn tó gbẹ, àwọn tó rin á kù fún ẹni tó kàn. Ṣé a ó wá sọ pé orí Ìyá Elékọ ni òjò dìídì rọ̀ sí?

Ti bàṣi náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó tà tó sì gba iṣẹ́ wíwá ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wá ọkọ̀ tó bá ìrìn àjò náà mu. Kamíọ́ọ̀nù tí bàṣi rẹ̀ ya nínú oṣù Kẹfà kò bá a mu. Kódà bí àdánù ti kọjá sọ́dọ̀ yín, bí ìbàjẹ́ bá wá láti ọwọ́ ẹni tó tà, kò lè di í rù yín. Ẹ pa fọ́tò yẹn mọ́, ẹ má pa á rẹ́ nítorí pé fóònù kún.

Bàbá Olóko Ìlárá
Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ máa ro tiwa náà. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn obìnrin kan wá sí oko mi, ó wo òkìtì àgbàdo tí mo pa sórí tapólìn, ó ní òun ra gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà níbẹ̀, a dá iye owó lé e. Kò wọ̀n ọ́n, kò kà á. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la wá kó o. Lóru, màlúù àwọn Fúlàní wọlé, wọ́n jẹ ẹ́ tó bí ìlàjì. Ó wá ní òun kò san. Mo ní ọjà rẹ ni màlúù jẹ. A jà débi pé wọ́n pè wá sí ààfin. Àwọn àgbà ní ká pín àdánù náà sí méjì. Títí di òní mo gbà pé wọ́n rẹ́ mi jẹ.

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀
Bàbá, ẹ kú ìrójú. Àgbẹ̀ ni yín, irè oko ara yín lẹ tà, nítorí náà òfin oníṣòwò kì í ṣe èyí tí a ó kọ́kọ́ gbé lé e. Ìwé òfin àtijọ́ sọ̀rọ̀ lórí irú ẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá tà á ní kílò tàbí ní àpò, ewu rẹ̀ wà lọ́rùn yín títí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n tàbí kà á. Bí ẹ bá ta òkìtì náà lápapọ̀ ní iye kan, títà ti parí nígbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá rí bí ẹ ṣe sọ ọ́, òkìtì lẹ tà, ẹ ò ta àpò. Ohun tó kù ni bóyá obìnrin náà gbà pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹlẹ́rìí wà níbi òkìtì. Ìdájọ́ àwọn àgbà, èmi kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ìlú ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìwé.

Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀gbìn Ṣábẹ̀ẹ́
Mo ń bá àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ìpamọ́ ọkà níbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kòkòrò, torí pé ibẹ̀ ni ọkùnrin yẹn máa sá gbà. Yóò ní ilé yín ni kòkòrò ti wọ̀ ọ́.

Ìyá, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti àárín àpò, ẹ má bu ti ẹnu àpò. Ẹ ka hóró 100 sórí atẹ. Ẹ wo iye tí ihò roboto wà lára wọn, ihò tó mọ́ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ lu. Kòkòrò kékeré dúdú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní imú gígùn yẹn máa ń yé ẹyin sínú hóró gan-an, ọmọ rẹ̀ á dàgbà nínú ibẹ̀, á jẹ inú hóró, á wá lu ihò jáde nígbà tó bá gbó. Láti ẹyin títí dé ìgbà tó lu ihò jáde, ó tó bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú ooru wa yìí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ ní ẹrù ti wà nílé yín. Ihò tí ẹ bá rí lónìí, ẹyin rẹ̀ ti wọ hóró kí kamíọ́ọ̀nù tó gbéra ní Kétu. Kò sí bí yóò ṣe já a.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí kòkòrò tó ń rìn láìsí ihò, tí ìyẹ̀fun kò sì sí nísàlẹ̀ àpò, ẹ má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí. Ó lè rìn wá láti àpò ẹlòmíràn nínú ọkọ̀, tàbí láti inú àgbàdo àná tó kù nílé yín.

Bí ẹ bá sì rí i pé àgbàdo náà ti hùkasì, ibẹ̀ nira díẹ̀. Ọkà tí omi bá wọ̀ lè hùkasì láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí náà àpò tó jókòó ti àwọn tó rin kò lè sọ fún wa ibi tí ìhùkasì ti wá. Èyí tó jìnnà sí wọn ni kẹ́ ẹ wò. Bu àgbàdo díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, bu iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, dé e, mì í fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ọkà náà kò gbẹ tó, omi inú rẹ̀ ti ju 15 lọ nínú 100.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ
Èyí dùn ún gbọ́. Mo tún ìwé mi yẹ̀ wò, mo gbà pé mo yára jù. Lọ́dọ̀ wa náà, bí ọjà kò bá tíì yà sọ́tọ̀, kò lè di ti olùrà. Mo ti rò pé àpò tiwọn nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Lórí ògì náà, òfin wa bá yín mu: bí olùrà bá sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, tó sì gbẹ́kẹ̀ lé ìmọ̀ ẹni tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀, ọjà náà gbọ́dọ̀ wúlò fún un.

Ohun tí n kò gbà ni ti ìfọwọ́sí. Ó fọwọ́ sí ìwé awakọ̀ pẹ̀lú àpò tó rin lójú rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe gbígbà?

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀
Ìbéèrè gidi nìyẹn, ẹnu àwọn agbẹjọ́rò kò kò lórí rẹ̀. Ohun tí ìwé awakọ̀ fi hàn ni pé àpò 60 dé. Mo ti rí ẹni tó kọ “11 rin” sí ẹ̀gbẹ́ ìfọwọ́sí rẹ̀, ìyẹn ló dára jù. Ẹni tí kò kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ kò tíì bàjẹ́. Fún àbùkù tó hàn sójú ní ọjọ́ tí olùrà gba ọjà, òfin fún un ní oṣù kan láti sọ ọ́ fún ẹni tó tà. Bí oṣù náà bá kọjá láìsọ, ó parí. Fún èyí tó fara pamọ́, bíi kòkòrò nínú àpò tí a rán ẹnu rẹ̀, ọdún kan ni, láti ọjọ́ tó rí i tàbí tó yẹ kó ti rí i. Ẹ kíyè sí “tó yẹ kó ti rí i” yẹn. Ẹni tó bá to àpò jọ fún oṣù mẹ́jọ láìtú ọ̀kan, wọn á bi í pé kí ló ń ṣe.

Ìyá, ṣé ẹ ti sọ ti omi fún un?

Ìyá Elékọ Àjàṣẹ́
Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ó ní “á dáa.” Ìpè lásán ni, n kò kọ nǹkan kan.

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀
Ẹ kọ ọ́ lónìí. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹrù dé, iye tó rin, ọjọ́ tí ẹ tú àpò, iye tí kòkòrò wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì so fọ́tò mọ́ ọn. Ẹ fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kí ẹnì kan mú un lọ fún un, kó fọwọ́ sí ẹ̀dà. Ẹ má da àpò kankan nù, ẹ má sì lọ èyí tó rin fún adìẹ. Bí ẹ bá lò ó, kí ni a ó fi han ẹnikẹ́ni?

Ti owó: ẹ má ṣe di gbogbo 600,000 mú, ibẹ̀ ni àwọn olùrà ti máa ń sọ ara wọn di ẹlẹ́bi. Àpò tó dára jẹ́ 41. Iye rẹ̀ jẹ́ 820,000. Ẹ ti san 600,000, nítorí náà ẹ jẹ ẹ́ ní 220,000 tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀. Ẹ san ìyẹn, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti 41 ni. Ohun tó kù jẹ́ 380,000: 220,000 lórí omi, 160,000 lórí kòkòrò. Orí ìyẹn nìkan ni ìjà kù sí.

Bàbá Olóko Ìlárá
Wọ́n ní kó san 220,000, ẹ̀yin náà ẹ gbà pé kò burú. Èmi ṣì ń sọ pé ọ̀dọ̀ awakọ̀ ló yẹ kí gbogbo yín lọ. Bàṣi ta ni?

Ìyá Elékọ Àjàṣẹ́
Ẹ má bínú, ó pẹ́ kí n tó padà síbí. Mo ti san 220,000, mo ti kọ ìwé. Mo ka hóró ní iwájú aládùúgbò mi: nínú 100, ihò wà lára 17 nínú àpò kan, 23 nínú èkejì. Ìyẹ̀fun funfun wà nísàlẹ̀ àpò méjèèjì.

Ọkùnrin náà dáhùn. Lórí kòkòrò, ó ní òun máa pààrọ̀ 8 bí irè tuntun bá jáde. Ṣùgbọ́n lórí omi, ó ní irọ́ ni, pé òun fi ọ̀dà pupa sàmì sí 60 tèmi kí wọ́n tó kó wọn sọ́kọ̀. Mo sáré lọ wo àwọn tó rin. Ọ̀dà pupa wà lábẹ́ 4 lóòótọ́, ní apá ìsàlẹ̀ tí n kò wò tẹ́lẹ̀. 7 kò ní nǹkan kan. Lára àwọn tó gbẹ náà, mo rí 15 tí kò ní ọ̀dà.

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀
Yé è. Bí ọ̀dà bá wà lóòótọ́ kí ẹrù tó gbéra, ó ti yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ tẹ́lẹ̀ lórí àpò tó jọra já díẹ̀. Àwọn 4 yẹn lè padà sọ́rùn yín, àfi bí a bá fi bàṣi mú un. Ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ló sọ pé ti ẹlòmíràn ni 7 tó kù. Ó yẹ kó lọ gbé wọn, kó sì fún yín ní 7 tó ní ọ̀dà. 15 tó gbẹ tí kò ní ọ̀dà náà kì í ṣe tiyín, nípa ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àpò tiyín 22 wà níbòmíràn.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ
Bàbá, bí 22 yẹn bá wà ní Ṣàkẹ́tẹ́, tí àwọn náà sì ti rin ńkọ́? Ṣebí òun ló máa jàre nígbà náà.

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ náà látorí àga.

Ìyá Elékọ Àjàṣẹ́
Mo ti gba nọ́ńbà ẹni Ṣàkẹ́tẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Ó ní àpò òun ṣì wà nílẹ̀, òun kò tíì tà ju 6 lọ, pé lóòótọ́ òun rí ọ̀dà pupa lára àwọn kan ṣùgbọ́n òun rò pé àmì ilé ìkẹ́rùsí ni. Àárọ̀ ọ̀la, kí oòrùn tó mú, èmi àti ọmọ mi ń lọ síbẹ̀ lọ kà á.